Ohun tó há sin x mọ́ àárín

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n fi iyàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tí mò ń kọ́ ní ìṣirò wá bá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ti jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, x·sin(1/x). Ọ̀kan ní òdo ni lìmíìtì rẹ̀, èkejì ní rárá, 1 ni. Mo gba ìwé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, mo kà á láti òkè délẹ̀, n kò rí ẹni tó ṣì í nínú wọn. Ohun tí wọn ò bi ara wọn ni ibi tí x ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ń mú x sún mọ́ òdo, ẹnì kejì sì ń jẹ́ kí x máa tóbi lọ láìlópin. Ìbéèrè méjì ni wọ́n dáhùn, wọ́n rò pé ẹyọ kan ni.

Iyàn yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀nà tí a ó gbà lónìí, nítorí pé ohun èlò méjì tó wúlò jù lọ fún lìmíìtì tí sin àti cos bá wà nínú rẹ̀ ló fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lo ọ̀kan, ẹnì kejì lo èkejì, kò sì sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ ìkejì rẹ̀.

Kí gbogbo wa lè máa sọ nǹkan kan náà, lìmíìtì tí mò ń wí ni òǹkà tí iye kan ń sún mọ́ bí x ṣe ń sún mọ́ ibi tí à ń darí rẹ̀ sí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé bó ti wù kí a fẹ́ kó sún mọ́ òǹkà yẹn tó, a lè mú kó sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, kó má sì tún yà kúrò. Kò sí ohun tó ní kó débẹ̀. Ẹ wo x·sin(1/x) fúnra rẹ̀: bí x bá jẹ́ òdo gan-an, 1/x kò nítumọ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Síbẹ̀ a lè béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí òdo.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Rúkèrúdò ni. Bí x ṣe ń kéré ni 1/x ń tóbi, sin sì ń lọ sókè sódò láàárín −1 àti 1. Nígbà tí x bá kúrò ní 0.1 lọ sí 0.01, 1/x ti kúrò ní 10 dé 100, ìyẹn ni pé sin ti yí po ní ìgbà tó lé ní mẹ́rìnlá. Láti 0.01 sí 0.001, ó ti yí po ju ogóje ìgbà lọ. Bí a bá ń sún mọ́ òdo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyípo náà ń ya wèrè sí i. Nítorí náà a ò lè sọ pé kí a wá lìmíìtì x, kí a wá lìmíìtì sin(1/x), kí a sì sọ wọ́n di púpọ̀. sin(1/x) kò ní lìmíìtì kankan ní òdo. Òfin ìsọdipúpọ̀ sì rèé, ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ní lìmíìtì nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Òfin tí ẹni àkọ́kọ́ wá lò ni mò ń pè ní òfin àhámọ́. Bí iye kan bá há sáàárín iye méjì, tí àwọn méjèèjì tó há a mọ́ sì ń lọ sọ́dọ̀ òǹkà kan náà, èyí tó wà láàárín kò ríbi sá sí, ọ̀dọ̀ òǹkà yẹn náà ló ń lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ọlọ́pàá méjì dì mú lọ́tùn-ún lósì. Bí àwọn méjèèjì bá wọ ẹnu ọ̀nà kan náà, òun náà ti wọlé nìyẹn, ì báà máa jà fitafita láàárín wọn.

Sin(1/x) kì í ju 1 lọ, kì í sì í kéré ju −1 lọ, bó ti wù kó ya wèrè tó. Tí a bá wá fi x sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí i pé

−|x| ≤ x·sin(1/x) ≤ |x|

−|x| ń lọ sí òdo, |x| ń lọ sí òdo. Ó parí. Òdo ni lìmíìtì náà, a ò sì mọ ibi tí sin(1/x) wà ní ìṣẹ́jú kankan. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú òfin yìí nìyẹn: kò béèrè pé kí o mọ ìwà ẹni tó wà láàárín, kí o ṣáà ti mọ ògiri méjèèjì.

Àwọn ọ̀pá tóóró méjì tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ x yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe o. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ −x ≤ x·sin(1/x) ≤ x, olùkọ́ á sì yọ máàkì, wọn ò ní mọ ìdí. Ẹ fi −0.1 sípò x. Ohun tí ẹ kọ ti di pé 0.1 kéré ju iye kan, iye náà sì kéré ju −0.1. Irọ́ gbuu. Tí a bá fi òǹkà òdì sọ àìdọ́gba di púpọ̀, ojú rẹ̀ máa ń yí padà. |x| ni kì í jẹ́ kí a kó sínú ọ̀fìn yẹn, nítorí pé x máa ń wá láti apá òsì òdo pẹ̀lú.

Àṣìṣe kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan lè kọ −1 ≤ sin(1/x) ≤ 1, kó wá sọ pé nígbà tó ti há, lìmíìtì wà níbì kan láàárín wọn. Rárá. Ògiri méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Àwọn wọ̀nyí jìnnà síra wọn ní ìwọ̀n 2, wọn ò sì sún kẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí pé kò sí lìmíìtì níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí x máa gba orí 1/π, 1/(2π), 1/(3π) bọ̀ wá sí òdo: sin(1/x) á jẹ́ òdo ní gbogbo ibùdókọ̀. Ẹ tún jẹ́ kó gba orí 2/π, 2/(5π), 2/(9π): yóò jẹ́ 1 ní gbogbo ibùdókọ̀. Ojú ọ̀nà méjì, ibi kan náà ni wọ́n ń lọ, òǹkà méjì ni wọ́n gbé wá.

Ó ku ẹnì kejì, ẹni tó ní 1. Ní tirẹ̀, x ń tóbi lọ láìlópin. Tí ẹ bá gbé ògiri −|x| àti |x| wá síbẹ̀, òótọ́ ṣì ni àìdọ́gba náà, ṣùgbọ́n ògiri méjèèjì ń sá fún ara wọn ni, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ fún wa. Ohun tó ṣe ni pé ó pe 1/x ní t. Bí x ṣe ń tóbi ni t ń sún mọ́ òdo, x·sin(1/x) sì di sin t / t. Ó mọ̀ lórí pé ìyẹn ń lọ sí 1. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ 1. Ó wo ojú mi.

Mi ò dá a lẹ́bi. Inú ìwé ni wọ́n ti bá a, wọ́n fi ṣe àkọ́sórí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́ láéláé tí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ya òbírí kan tí ìlà láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ pe àárín rẹ̀ ní O. Ẹ fa ìlà OA lọ sápá ọ̀tún títí dé etí òbírí. Ẹ fa òmíràn, OB, kí òun náà dé etí, kó wà lókè OA díẹ̀, kí igun tó wà láàárín wọn jẹ́ x. Wàyí o, ẹ gbé ìlà kan dúró ṣánṣán ní A, kó lọ sókè, kí ẹ sì na OB kọjá etí òbírí títí yóò fi lọ kan ìlà òòró náà. Ẹ pe ibi tí wọ́n ti pàdé ní C.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú àwòrán yìí, ọ̀kan há sínú èkejì. Àkọ́kọ́ ni onígun mẹ́ta kékeré OAB tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́. Ó wà nínú ègé òbírí OAB, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ègé náà sì wà nínú onígun mẹ́ta ńlá OAC. Ààyè inú ti kékeré jẹ́ ½·sin x, nítorí pé ìdí rẹ̀ jẹ́ 1, gíga rẹ̀ sì jẹ́ sin x. Ti ńlá jẹ́ ½·tan x, nítorí pé AC ni tan x gan-an. Ti ègé òbírí jẹ́ ½·x. Èyí tó wà nínú kò lè tóbi ju èyí tó gbà á sínú lọ, nítorí náà

sin x < x < tan x

Ẹ fi sin x pín gbogbo rẹ̀. Sin x kì í ṣe òdì níbí torí pé x kéré, ó sì ju òdo lọ, nítorí náà ojú àìdọ́gba kò yí. Ó di 1 < x/sin x < 1/cos x. Ẹ wá dojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délẹ̀, kí òkè di ìsàlẹ̀. Níbí ni àìdọ́gba ti ń yí ojú padà:

cos x < sin x / x < 1

Ògiri kan jẹ́ 1, èkejì jẹ́ cos x, èyí tó ń lọ sí 1 bí x ṣe ń lọ sí òdo. Òfin àhámọ́ tún ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tí x bá wá jẹ́ òdì ńkọ́? sin(−x) jẹ́ −sin x, òdì ti òkè pa òdì ti ìsàlẹ̀ rẹ́, iye kan náà la ó bá. Ẹ fi òǹkà dán an wò: bí x bá jẹ́ 0.1, cos x jẹ́ 0.995004, sin x / x jẹ́ 0.998334. Ó há sáàárín lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ½·x yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òbírí wa ní ààyè inú π, igun tó yí i ká jẹ́ 2π. Ègé tí igun rẹ̀ jẹ́ x kó ìdá x/2π nínú π, èyí tó jẹ́ x/2. Rédíánì nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ dígírì lẹ fi wọn igun, 360 ló yí òbírí ká, ègé náà á di πx/360, àìdọ́gba wa á sì máa há πx/180 mọ́ àárín dípò x. Lìmíìtì sin x / x á wá di π/180, nǹkan bíi 0.01745. Bí ẹ̀rọ ìṣirò yín bá gbé 0.01745 jáde níbi tí ẹ ti ń retí 1, kì í ṣe ìṣirò yín ló bàjẹ́ o, dígírì ni wọ́n yí ẹ̀rọ náà sí. Mo ti rí ẹni tó fi wákàtí kan wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ tí kò ní àṣìṣe nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Ìyá kan níwájú bi mí pé kí ló mú kó dá wa lójú pé cos x ń lọ sí 1. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé mo kàn sọ ọ́ kọjá ni. A mọ̀ pé 1 − cos x bá 2·sin²(x/2) dọ́gba. Inú àwòrán wa la sì ti rí i pé sin kéré ju igun rẹ̀ lọ, nítorí náà sin(x/2) kéré ju x/2. Ìyẹn ni pé 1 − cos x wà láàárín òdo àti x²/2. Ó tún há! Ògiri méjèèjì ń lọ sí òdo, cos x sì ń lọ sí 1.

Ìlà kan ṣoṣo yẹn tún bí ọmọ mìíràn fún wa. Ẹ fi x² pín 2·sin²(x/2), ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ½ lọ́nà [sin(x/2)/(x/2)]², ohun tó wà nínú àkámọ́ sì ń lọ sí 1. Nítorí náà (1 − cos x)/x² ń lọ sí ½. Sin x / x tó ń lọ sí 1 àti èyí ni èsì méjì tí mo máa ń gbé sórí tábìlì kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.

Láti lo ti àkọ́kọ́, ohun tó wà nínú sin ni kí ẹ rí gẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, ohun náà sì gbọ́dọ̀ máa lọ sí òdo. Sin 5x / x kò tíì bá a mu. Ẹ sọ ọ́ di 5 lọ́nà sin 5x / 5x, ó di 5. Nígbà tí x bá ń lọ sí π, sin x / (x − π) ńkọ́? Ẹ pe x − π ní t, sin x á di −sin t, èsì rẹ̀ á sì jẹ́ −1. Bí x bá sì ń tóbi láìlópin, sin x / x kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú 1 mọ́: ó há sáàárín −1/x àti 1/x, òdo ló ń lọ. Iyàn àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ló tún padà wá yẹn, ó kàn yí aṣọ padà ni.

Ó wá kan iṣẹ́ tí mo fi ń mọ ẹni tó lóye èsì yìí yàtọ̀ sí ẹni tó há a sórí. Kí x máa lọ sí òdo, kí ni lìmíìtì

(tan x − sin x) / x³ ?

Ọ̀pọ̀ á sọ pé sin x dà bíi x nítòsí òdo, tan x náà dà bíi x. Wọ́n á fi x rọ́pò àwọn méjèèjì, òkè á di x − x, òdo, wọ́n á kọ òdo sílẹ̀, wọ́n á sì gbé kálámù sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe tọ́. Tan x ni sin x / cos x. Tí a bá yọ sin x jáde lára àwọn méjèèjì, òkè á di sin x·(1 − cos x)/cos x. Kò sí àyọkúrò láàárín nǹkan méjì tó jọra mọ́, ìsọdipúpọ̀ ló kù. A wá pín x³ tó wà nísàlẹ̀ fún àwọn tó nílò rẹ̀, ẹyọ x kan fún sin x, x² fún 1 − cos x:

(sin x / x) · ((1 − cos x)/x²) · (1/cos x)

Wọ́n ń lọ sí 1, ½ àti 1. Èsì náà jẹ́ ½. Ẹ fi 0.1 dán an wò: tan 0.1 jẹ́ 0.100334672, sin 0.1 jẹ́ 0.099833417, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.000501255. Ẹ fi 0.001 pín in, ó di 0.501255.

Kí ló wá dé tí ìrọ́pò fi tàn wá? Ẹ wo òǹkà wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a fi 0.1 rọ́pò sin 0.1, a sọ 0.000166583 nù. Nígbà tí a fi rọ́pò tan 0.1, a sọ 0.000334672 nù. Wọ́n kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro wọ́n pọ̀: 0.000501255 ni, ìdáhùn wa gan-an. Ohun tí a sọ nù bí pàǹtí ni gbogbo ohun tó wà lókè, nítorí pé àwọn ńlá tó kù ti pa ara wọn rẹ́. Ohun tí à ń sọ nù lára sin tóbi tó nǹkan bíi x³/6, ti tan tóbi tó nǹkan bíi x³/3, x³ sì ni ohun tó wà nísàlẹ̀ tí à ń fi pín. Nínú ìsọdipúpọ̀ àti ìpín, ẹ lè fi x rọ́pò sin x nítòsí òdo, kò sí ewu, torí pé ìpín wọn ń lọ sí 1. Nínú àyọkúrò, ẹ má ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ó ṣe sọ àyọkúrò náà di ìsọdipúpọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀yìn nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò yá jù ká kàn lo òfin Lópítáàlì, ká ṣe dífẹ́rẹ́ńṣíéṣọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?” Fún iṣẹ́ tí mo ṣe tán yìí, ẹ lè lò ó, ẹ ó sì débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó ṣe dífẹ́rẹ́ńṣíéṣọ̀n lókè, ìlà á sì gùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ẹ̀rí pé sin x / x ń lọ sí 1. Òfin náà á ní kí ẹ ṣe dífẹ́rẹ́ńṣíéṣọ̀n sin x, ẹ ó sì kọ cos x. Ta ló sọ fún yín pé cos x ni? Láti mọ̀ ọ́n, a ní láti wá lìmíìtì (sin(x + h) − sin x)/h, tí ẹ bá sì tú u, sin h / h ló jókòó sínú rẹ̀. Ẹ ti fi ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀. Àwòrán òbírí kò ní gbèsè yẹn lọ́rùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ́ kí n lọ. Ó ní òun ti fi kọ̀ǹpútà wá (1 − cos x)/x², òdo ni òun bá, kì í ṣe ½. Mo ní báwo ni x rẹ̀ ṣe kéré tó. Ó ní òun fẹ́ kó péye dáadáa, nítorí náà òun lo 10⁻⁸. Ẹ wò ó:

```python
from math import sin, cos
x = 1e-8
print((1 - cos(x)) / x**2)
print(2 * sin(x/2)**2 / x**2)
```

Ìlà àkọ́kọ́ á gbé 0.0 jáde, ìlà kejì á gbé nǹkan bíi 0.5. Cos 10⁻⁸ fi 5 × 10⁻¹⁷ péré dín sí 1, kọ̀ǹpútà kò sì ní àyè fún ìyàtọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1. Ó sọ cos di 1 gẹ́lẹ́, 1 − 1 sì di òdo kó tó dé ọ̀dọ̀ x². Bí ó bá lo 0.01 ni, ì bá ti rí 0.49999 láìsí wàhálà. Àṣìṣe kan náà ni ti ẹni tó fi x rọ́pò tan x àti sin x: àyọkúrò nǹkan méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló gbé ìdáhùn mì. Ẹ sì wo ohun tó wà ní ìlà kejì, 2·sin²(x/2) tí a fi dáhùn ìbéèrè ìyá iwájú lẹ́ẹ̀kan ni.